Ibo Lẹ Ti Ń Yọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ ArrayList àti LinkedList

Ẹni tó bá ti kọ́ Java, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, á ti há ìdáhùn kan sórí: bí ètò kan bá ń fi nǹkan kún àtòjọ, tó sì ń yọ nǹkan kúrò níbẹ̀ lemọ́lemọ́, LinkedList ni kó lò, bó bá jẹ́ pé kíkà ló kàn ń kà á, kó lo ArrayList. Èmi náà há a sórí, mo sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ètò kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló wá fi yé mi pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo há sórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí méjèèjì jẹ́. ArrayList dà bíi bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn aláìsàn jókòó sí níwájú yàrá dókítà, tí wọ́n fún mọ́ra wọn. Bí nọ́ọ̀sì bá ń wá ẹni keje, ọ̀dọ̀ ẹni keje ló máa lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà níwájú pátápátá bá dìde, gbogbo àwọn tó kù ní láti sún. Ohun tó wà lórí bẹ́ǹṣì yìí kì í sì í ṣe ẹrù fúnra rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí ẹrù wà nínú mẹ́mórì ni, báìtì 4 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní. Àyè 10 ni bẹ́ǹṣì náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá kún, Java á wá òmíràn tó fi ìdajì gùn jù ú lọ, á sì kó gbogbo wọn lọ síbẹ̀: 10 á di 15, 15 á di 22.

LinkedList kò ní bẹ́ǹṣì. Kálukú dúró síbi tó bá rí láàárín ọjà, ó mú ìwé pélébé lọ́wọ́, àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ṣáájú rẹ̀ àti ti ẹni tó tẹ̀lé e ló wà nínú ìwé náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tún ìwé ọwọ́ wọn kọ, ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò sún. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa máa ń dúró sí. Kò béèrè bí a ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ kúrò. Bí ẹ bá ní kí LinkedList mú ẹni tó wà ní ipò 50,000 wá, kò mọ ibi tó wà. Orí tàbí ìdí ìlà, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù, ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan dé ẹnì kejì títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni náà.

Ètò tí mò ń sọ yìí ń to àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn oníbàárà jọ láàárọ̀, nǹkan bí 200,000, ó sì ń fà wọ́n lé ẹ̀ka tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. ArrayList ni mo kó wọn sí, mo sì kọ èyí:

```java
while (!ila.isEmpty()) {
    firanse(ila.remove(0));
}
```

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì ló dé yìí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá dìde, àwọn 199,999 á sún. Bí èkejì bá dìde, àwọn 199,998 á sún. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìsúnkiri tó tó bílíọ̀nù 20 ni. Àmì àìsàn yìí kò ṣòro láti dá mọ̀: ètò á lọ́ra níbẹ̀rẹ̀, á máa yára bí ìlà ṣe ń kúrú. Bí iye àtẹ̀jíṣẹ́ bá sì di ìlọ́po méjì, àkókò tó ń gbà á di ìlọ́po mẹ́rin.

Mo rántí ohun tí mo há sórí, mo sì pààrọ̀ ArrayList sí LinkedList. Ìlà kan ṣoṣo ni mo tún kọ. Lóòótọ́, yíyọ ti iwájú di kíá. Àmọ́ ètò lápapọ̀ lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ránṣẹ́, ó kọ́kọ́ ń yẹ nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn wò:

```java
for (int i = 0; i < ila.size(); i++) {
    yewo(ila.get(i));
}
```

Lórí ArrayList, ìgbésẹ̀ kan ni `get(i)`. Lórí LinkedList, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń tún ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí tàbí láti ìdí. Àròpọ̀ rẹ̀ fún 200,000 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ìgbésẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú nìyí: bílíọ̀nù 10 kéré sí bílíọ̀nù 20, kí ló wá dé tó fi lọ́ra jù? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í lọ bu nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́mórì. Báìtì 64 ló sábà máa ń bù lẹ́ẹ̀kan, tó ń kó sínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bíbù kan bẹ́ẹ̀ gba àdírẹ́ẹ̀sì 16 látorí bẹ́ǹṣì ArrayList, ọpọlọ náà sì lè mọ ibi tó kàn kó tó débẹ̀, torí pé ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ó ń sún wọn lódindi ni. Ní LinkedList, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ọwọ́ rẹ̀ gba nǹkan bíi báìtì 24, wọ́n sì lè fọ́n káàkiri mẹ́mórì. Ọpọlọ kò lè mọ ibi tó ń lọ títí á fi ka ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìdúró yìí ló ń pa àkókò.

Fún ìlà tí a ti ń yọ ti iwájú, tí a sì ń fi tuntun sẹ́yìn, méjèèjì kọ́ ló yẹ kí n mú. ArrayDeque ni, èyí tó wọ Java ní 2006. Bẹ́ǹṣì ni òun náà, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í sún: àmì tó ń fi orí ìlà hàn nìkan ló ń gbé síwájú, bó bá sì dé òpin bẹ́ǹṣì, ó lè yípo padà síbẹ̀rẹ̀ níbi tí àyè ti ṣí. Ìwé àlàyé Java fúnra rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kó yára ju LinkedList lọ fún iṣẹ́ ìlà. Kò gba `null` ṣá o, kò sì ní `get(i)`.

Àṣìṣe kejì tó wà nínú ètò mi ló dùn mí jù, nítorí pé ó kan àwọn èèyàn. Àwọn oníbàárà kan máa ń fagi lé àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, mo sì ń fi nọ́ńbà ipò yọ wọ́n láàárín ìlà. Bí mo bá yọ ẹni tó wà ní ipò 7, ẹni tó wà ní ipò 8 á sún wá sí 7, àmọ́ `i` mi ti kọjá sí 8. Bí àwọn méjì tó fagi lé tiwọn bá tẹ̀ lé ara wọn, ètò á fo ìkejì, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹni náà ní òun kò fẹ́ mọ́ á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlà kan ló wò ó sàn:

```java
ila.removeIf(a -> a.tiFagile());
```

Java 8 ló mú un dé ní 2014. Lórí ArrayList, kì í sún gbogbo ènìyàn nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dìde. Ó mọ àwọn tó máa lọ, á sì to àwọn tó kù pọ̀ ní àrìnlọ kan.

Ṣé LinkedList kò wúlò mọ́ ni? Ó ní ibi tó dára sí: bí ẹ bá ti ń fi ListIterator rìn gba inú ìlà kọjá, tí ẹ sì ń fi nǹkan sí ibi púpọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà, ẹ kò ní wá a. Kódà níbẹ̀, mo ti rí i pé kíkó gbogbo rẹ̀ sínú ArrayList tuntun bí a ṣe ń lọ sábà máa ń rọrùn jù. Ní 2015, Joshua Bloch, tó kọ LinkedList fún Java, béèrè ní gbangba lórí Twitter bóyá ẹnikẹ́ni ń lò ó, ó sì ní òun fúnra òun kì í lò ó.

Báyìí, ArrayList ló ń gba àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ètò mi wọlé láàárọ̀. Orí rẹ̀ la ti ń yẹ nọ́ńbà wò, orí rẹ̀ ni `removeIf` ti ń yọ àwọn tó fagi lé tiwọn. Lẹ́yìn náà la ń kó èyí tó kù sínú ArrayDeque, ibẹ̀ ni `poll()` ti ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò kò lọ́ra níbẹ̀rẹ̀ mọ́.