Omi àti Àkókò: Ohun tí Ìrẹsì Búráùn Fi Yàtọ̀ sí Ìrẹsì tí Wọ́n ti Bọ̀

Lẹ́yìn Àsàlátù ọ̀sẹ̀ kan, ìyá kan nínú jámáà wa pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà ti sọ fún ọkọ rẹ̀, tí ó ní àtọ̀gbẹ, pé kí ó máa fi ìrẹsì búráùn rọ́pò ìrẹsì funfun. Ìyá náà sè é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, bàbá jẹ ṣíbí mélòó kan, ó sì ti àwo sẹ́yìn. Ìyá bi wá pé: "Ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?"

A ní kí ó sọ bí ó ṣe sè é. Ó ní ife 2 ìrẹsì, ife 4 omi, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lórí iná. Ìrẹsì náà kì í ṣe ayédèrú. Ìyá sè é bí ẹni ń se ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ ni.

Èyí tí wọ́n ti bọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ìrẹsì àpò tí à ń rà lọ́jà. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú èèpo lára, wọ́n á fi ooru bọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó bó èèpo òde àti awọ inú kúrò. Bíbọ̀ yìí máa ń ti díẹ̀ nínú fítámì ara awọ wọ inú hóró lọ. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ìrẹsì ọ̀hún funfun báláú. Ẹ má tìtorí àwọ̀ yìí pè é ní búráùn o.

Ní ti ìrẹsì búráùn, èèpo òde nìkan ni wọ́n bó. Awọ tín-ín-rín inú ṣì wà lára rẹ̀. Fáíbà àti òróró wà nínú awọ yìí. Fáíbà ń bá wa dín eré tí ṣúgà oúnjẹ fi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣùgbọ́n awọ kan náà ni kì í jẹ́ kí omi tètè wọ hóró. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́ lórí iná. Bí ìkòkò bá sì ṣe ń pẹ́ lórí iná tó ni omi rẹ̀ ń bá ooru lọ tó, nítorí náà a ní láti fi omi kún un.

Fún ife 2 ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀, omi ife 4 àti ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó. Fún ife 2 búráùn tí a kò rẹ, omi ife 5 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni. Bí a bá ti rẹ ẹ́ fún wákàtí 6 sí 8, omi á ti wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù, ẹ bu omi tuntun ife 4 sí i, ẹ sì sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Nítorí ooru ilẹ̀ wa, inú fíríìjì ni kí ẹ ti rẹ ẹ́, kí ó má baà kan.

Bí omi bá ti hó, ẹ dín iná kù gan-an, ẹ dé ìkòkò dáadáa, ẹ má sì ṣí i léraléra. Tí àkókò bá pé, ẹ pa iná, ẹ fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi ìka méjì tẹ hóró kan fọ́. Bí ojú funfun líle bá ṣì wà láàárín rẹ̀, kò tíì jiná. Omi gbígbóná díẹ̀ ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe omi tútù. Omi tútù tí ìyá yẹn ń bù sí i díẹ̀díẹ̀ ń pa ooru ìkòkò ni: ẹ̀yìn hóró bẹ́, àárín rẹ̀ sì le.

Bí ìrẹsì bá pọ̀, bóyá ife 10, ẹ má wulẹ̀ bu omi ife 25 sí i. Omi tí ń bá ooru lọ nínú ìkòkò ńlá kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ife 20, kí ẹ sì gbé omi gbígbóná sí tòsí.

Òróró inú awọ yẹn kì í jẹ́ kí ìrẹsì búráùn pẹ́ nílẹ̀ bí èyí tí wọ́n ti bọ̀. Ẹ ra ìwọ̀nba. Bí ó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn alátọ̀gbẹ. Ìrẹsì búráùn ṣì ń di ṣúgà nínú ara, nítorí náà ìwọ̀nba ni kí ẹ bù, kí ẹ má sì tìtorí rẹ̀ fi oògùn yín sílẹ̀.

Ìyá yẹn rẹ ìrẹsì tirẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n dé láti Àsàlátù lọ́jọ́ kejì, ó sè é. Ó ní bàbá jẹ tirẹ̀ tán, ó tún ń wo ìkòkò. A ní kí ó tètè dé e.