Àlàfo Tí Clapeyron Fi Sílẹ̀

Ìwé tí Sadi Carnot kọ ní 1824 nípa ẹ̀rọ tí oru omi ń mú ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni kà á. Ọdún 1834 ni ẹnjiníà ará Faransé kan, Émile Clapeyron, tó gbé e yẹ̀wò, tó sì sọ ọ́ di ìṣirò. Ìdọ́gba tó ṣe fi hàn bí ìfúnpá oru ṣe ń ga sí i bí omi bá ṣe ń gbóná sí i. Àmọ́ nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí padà pẹ̀lú ìgbóná, Clapeyron kò sì lè sọ ohun tí í ṣe.

Rudolf Clausius, ará Jámánì, ló dí àlàfo náà ní 1850. Ó ní ìgbóná gan-an ni nọ́ńbà ọ̀hún, bí a bá ń kà á láti nǹkan bí 273 dígírì sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ó ka oru sí gáàsì lásán, ó sì fojú fo àyè tí omi gbà, nítorí ó kéré púpọ̀ sí ti oru. Bí a bá tún gbà pé iye ìgbóná tí omi ń jẹ kó tó di oru kì í yí padà, ohun tó kù ni pé:

```
ln(P2/P1) = (ΔH/R) × (1/T1 − 1/T2)
```

P ni ìfúnpá, T ni ìgbóná ní Kẹ́lífìn, ΔH ni iye ìgbóná tí omi ń jẹ, R sì jẹ́ 8.314.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ní 80 dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ìfúnpá oru omi jẹ́ 355.1 mìlímítà mẹ́kúrì; ní 100, ó jẹ́ 760. Èló ni yóò jẹ́ ní 90? Ẹni tó bá kàn pín ìyàtọ̀ wọn sí méjì yóò rí 558. Ìdọ́gba ní tirẹ̀ kọ́kọ́ fún wa ní ΔH, nǹkan bí 41.7 kílójúùlù fún móòlù kan. A dá a padà sínú ìdọ́gba pẹ̀lú 363.15 Kẹ́lífìn, ó sì mú 525 jáde. Èyí tí wọ́n wọ̀n gan-an jẹ́ 526.

Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ló máa ń da ìṣirò yìí rú. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi 273.15 kún un yóò rí 542, iye tó jọ òtítọ́ débi pé kò ní fura. ΔH ni yóò tú àṣírí rẹ̀: 2.5 kílójúùlù péré ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ omi kì í jẹ tó kéré bẹ́ẹ̀ kó tó di oru.

Kò sì yẹ ká gbé e lọ jìnnà jù. Bí a bá fi ìwọ̀n méjì kan náà wá ìfúnpá ní 20 dígírì, 19.4 ni yóò fún wa, nígbà tó jẹ́ pé 17.5 ló tọ́. Ìdí ni pé ΔH kì í dúró lójú kan: ó tó nǹkan bí 44 kílójúùlù ní 20 dígírì, ó sì ń dín kù bí omi ṣe ń gbóná.