Kí Ló Pa Alégírò àti 120 Pọ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé orin, lókè ìlà àkọ́kọ́, ohun méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ Ítálì, bí alégírò tàbí àńdáńtè. Èkejì ni àmì nóòtì kan tí nọ́mbà tẹ̀ lé, bí ♩ = 120. Àwọn méjèèjì ló ń sọ bí orin náà yóò ṣe yá tó, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan ń sọ kọ́ ni èkejì ń sọ. Iṣẹ́ nọ́mbà ni láti ka bíìtì: 120 ni iye bíìtì tí yóò wọ inú ìṣẹ́jú kan, ìyẹn méjì-méjì nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Ítálì kì í ka nǹkan kan. Irú ìrìn tí orin ń rìn àti irú ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ. Inú dídùn àti ìtújúká ni alégírò. Àńdáńtè jẹ́ ti ẹni tó ń rìn lọ ní tirẹ̀. Adájíò ní kí a fara balẹ̀. Lágò ní kí orin gbòòrò. Nínú gbogbo àwọn tó wọ́pọ̀, pírẹ́sítò ló súnmọ́ kí a kàn sọ fún olórin pé kó yára.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Yúróòpù fi ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìsí nọ́mbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Olórin tó bá rí alégírò yóò wo iye bíìtì inú báà, yóò wo bí àwọn nóòtì ṣe kéré tó, yóò sì mọ ibi tí orin náà yẹ kó gbà. Ọdún 1814 ni Dietrich Nikolaus Winkel, tó ń gbé ní ìlú Amsterdam, ṣe ọ̀pá kan tó ní ìwọ̀n méjì, ọ̀kan lókè ibi tí ọ̀pá náà ti ń mì, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá sún ìwọ̀n òkè sókè, mímì rẹ̀ yóò falẹ̀. Bí a bá sún un wálẹ̀, yóò yára. Johann Maelzel mú ọgbọ́n yìí, ó fi nọ́mbà sára rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1815. Orúkọ Maelzel ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́ títí di òní. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà M.M., ìyẹn mẹ́tírónóòmù Maelzel, fi máa ń wà níwájú nọ́mbà nínú àwọn ìwé orin àtijọ́.

Lára mẹ́tírónóòmù onígi tó gbajúmọ̀, nọ́mbà bẹ̀rẹ̀ láti 40, ó parí sí 208, wọ́n sì pín àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lágò gba 40 sí 60. Àńdáńtè bẹ̀rẹ̀ láti 76, ó dé 108. Alégírò gba 120 sí 168, pírẹ́sítò sì ń bẹ lókè rẹ̀ títí dé 200. Àtẹ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orí fóònù gbé wá: bí BPM bá ti ń yí lójú fóònù, ọ̀rọ̀ Ítálì náà ń yí. Ibẹ̀ ni àṣìlóye ti wọlé, torí ẹni tó bá ń wo àtẹ náà lójoojúmọ́ yóò gbà pé alégírò jẹ́ orúkọ mìíràn fún 120.

Sínfónì kẹta Beethoven, tí wọ́n ń pè ní Eróíkà, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Alégírò kọn bíríò, alégírò tó ní agbára nínú, ni Beethoven kọ sórí apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1817 ó gbé nọ́mbà jáde fún sínfónì mẹ́jọ tó ti kọ nígbà náà, 60 ló sì fún apá yìí. Ẹni tó bá wo àtẹ yóò rí i pé lágò ni 60, ìyẹn orin tó falẹ̀ jù lọ. Àmọ́ nóòtì tí Beethoven kọ síwájú nọ́mbà náà kì í ṣe kúrọ́ṣẹ́ẹ̀tì. Mínímù tó ní àmì tó-tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, èyí tó gba kúrọ́ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, báà kan gbáko nínú orin náà. Báà kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn. Bí a bá wá ka kúrọ́ṣẹ́ẹ̀tì, 60 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 180, àtẹ yóò sì sọ pé pírẹ́sítò ni. Orin kan ṣoṣo, lágò ni lójú ọ̀kan, pírẹ́sítò ni lójú èkejì, bẹ́ẹ̀ alégírò ni ẹni tó kọ ọ́ pè é. Nọ́mbà tí a kò bá mọ nóòtì tó ń kà kò lè sọ bí orin ṣe yá tó.

Ó rọrùn láti fi aago ogiri yẹ̀ ẹ́ wò. Báà 691 ló wà nínú apá àkọ́kọ́ yìí. Bí a kò bá tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ, ìṣẹ́jú-àáyá 691 ló yẹ kó gbà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ àwo orin tí àwọn olùdarí ńlá ọ̀rúndún ogún ṣe gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kọ báà 691, báà bí 49 ló ń kọ ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe 60.

Àríyànjiyàn tó wà lórí àlàfo yìí ti pẹ́. Àwọn kan ní mẹ́tírónóòmù Beethoven ti bàjẹ́. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí méjì, Almudena Martín-Castro àti Iñaki Ucar, gbé àlàyé mìíràn jáde: pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ etí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n òkè ni Beethoven ń wò, nígbà tó jẹ́ pé etí òkè ni nọ́mbà wà fún. Nísàlẹ̀ ni nọ́mbà ńlá wà lára ọ̀pá, nítorí náà ẹni tó bá ka ìsàlẹ̀ yóò kọ iye tó ju ohun tó gbọ́ lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n tọ́ka sí ni pé Beethoven fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “108 tàbí 120” sínú ìwé Sínfónì kẹsàn-án. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ gbólóhùn kan péré kò tó láti fi dá gbogbo nọ́mbà rẹ̀ lẹ́bi. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, àwọn olùdarí bíi Roger Norrington ti ń lo irú ohun èlò ìgbà Beethoven láti súnmọ́ nọ́mbà rẹ̀, orin náà kò sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó jọ pé àṣà àwọn olùdarí tó tẹ̀ lé Beethoven náà ní ọwọ́ nínú fífalẹ̀ yẹn.

Beethoven fúnra rẹ̀ kò gbà pé ọ̀rọ̀ àti nọ́mbà jẹ́ ohun kan náà. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Ignaz von Mosel lọ́dún 1817, ó ní òun fẹ́ pa alégírò, àńdáńtè, adájíò àti pírẹ́sítò tì, kí mẹ́tírónóòmù gba ipò wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìwà orin kò ní kúrò. Síbẹ̀, kò pa wọ́n tì títí ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọ “Halelúyà” inú Mèsáyà Handel. Alégírò ni Handel kọ sórí rẹ̀ lọ́dún 1741, ó sì kú lọ́dún 1759, kí Maelzel tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí nọ́mbà bá wà lórí ìwé tí ẹgbẹ́ náà ń lò, ẹni tó tún ìwé náà tẹ̀ ló fi síbẹ̀. Olùdarí lè yí nọ́mbà náà padà bí ohùn àwọn akọrin rẹ̀ àti bí ilé ìsìn ṣe ń gbé ohùn bá ṣe rí, láì ṣẹ Handel.