Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí àga má baà léfòó nínú fọ́tò pálọ̀

Oníbàárà kan lè fi fọ́tò pálọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta àga ní Gáréèjì Ìkòròdú, kó ní kí wọ́n bá òun gbé àga kan sínú rẹ̀ kóun wò ó. Bí wọ́n bá kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilẹ̀kùn.

Gíga kámẹ́rà ló ń pinnu ìwọ̀n. Bí fọ́tò bá tọ́, ẹ fa ìlà tẹ̀lé etí táìlì méjì tó ń lọ sí ọ̀ọ́kán. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ fa ìlà kan láti ọ̀tún dé òsì. Ká ní ilẹ̀kùn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ìlà yìí sì kọjá lára rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, a jẹ́ pé 5 ni gíga kámẹ́rà. Àga tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 máa gba ìdá 3 nínú 5 àlàfo tó wà láti ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ dé ìlà náà. Bẹ́ ẹ bá tì í sẹ́yìn, àlàfo á dín, àga náà á sì kéré sí i.

Fọ́tò àga tí wọ́n yà láti ibi tó ga gan-an ju ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò pálọ̀ lọ kò ní bá a mu. Àfi kí wọ́n tún un yà.

Òjìji ló kù. Ó máa ń dúdú jù, á sì tín-ín-rín, níbi tí ẹsẹ̀ àga ti kan ilẹ̀ gan-an. Bó ṣe ń jìnnà sí ẹsẹ̀ àga, ní ìhà tó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ló ń ṣá.