Àpótí Mẹ́rin Kì Í Ṣe Ọmọ Mẹ́rin

Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá ní kíláàsì wa pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí bàbá bá jẹ́ AS tí màmá náà sì jẹ́ AS. Mẹ́sàn-án á dáhùn pé, "Tí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ SS." Mo ti gbọ́ ọ ní hósítẹ́ẹ̀lì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà pẹ̀lú. Àpótí tí wọ́n ń wò dára, bí wọ́n ṣe ń kà á ni kò dára. Ẹ jẹ́ ká yà á.

Jíìnì méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní fún hẹmoglóbíìnì, ohun pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ màmá. Bàbá tó jẹ́ AS kò lè fún ọmọ kan ní A àti S pa pọ̀: ìdajì àtọ̀ rẹ̀ ń gbé A, ìdajì kejì ń gbé S. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyin màmá rí. Nítorí náà lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń lọ sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí gan-an ni máàkì ti ń jábọ́, torí àwọn kan máa ń kọ AS odindi sórí òpó kan. Tí ẹ bá rí ọmọ tó ní lẹ́tà mẹ́rin nínú àpótí yín, ẹ ti mọ ibi tó ti wọ́.

```
            BÀBÁ
            A     S
MÀMÁ  A     AA    AS
      S     AS    SS
```

Ẹ kà á: AA kan, AS méjì, SS kan. Ìpín jẹnotáìpù jẹ́ 1:2:1. Fẹnotáìpù ni ohun tó hàn síta. Ara AA àti AS le, SS ló ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, ìyẹn 3:1. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré o. Tó bá jẹ́ pé láàbù là ń wò, níbi tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná ya hẹmoglóbíìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìlà méjì ni AS máa fi hàn, AA á fi ìlà A nìkan hàn, SS á fi ti S hàn. Oríṣi mẹ́ta ló hàn yẹn, fẹnotáìpù náà sì di 1:2:1. Ẹ ka ìbéèrè dáadáa kí ẹ tó kọ 3:1.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́rin. Àpótí mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ọ̀nà mẹ́rin tó lè gbà wá ni a yà. Oyún kejì kò mọ ohun tí oyún àkọ́kọ́ mú. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ju kọ́ìnì méjì sókè: tí orí méjì bá jáde lẹ́ẹ̀kan, kò ní kó má tún jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àǹfààní pé ọmọ kan kò ní jẹ́ SS ni 3/4. Pé ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní jẹ́ SS ni 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4 = 81/256, bí ìdílé 32 nínú 100. Pé ẹyọ kan péré ló máa jẹ́ SS ni 108/256, bí 42 nínú 100. Èyí tó kù, 67/256, ni ti ìdílé tí SS ti máa jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí 26 nínú 100. Nítorí náà "ọ̀kan nínú mẹ́rin" tí gbogbo wa ń pariwo, àwọn ìdílé tó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ kò tó ìdajì! Ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ SS tó sì ń rò pé mẹ́ta tó kù ti bọ́, 1/4 kan náà ló ń dúró dè é lórí oyún tó kàn.

Èyí tó tún ń fara pamọ́ ni C. Ó pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá. Ká ní bàbá jẹ́ AS, màmá jẹ́ AC:

```
            BÀBÁ
            A     S
MÀMÁ  A     AA    AS
      C     AC    SC
```

Jẹnotáìpù jẹ́ 1:1:1:1. Kò sí SS níbẹ̀, inú àwọn kan á sì dùn. Ṣùgbọ́n SC náà jẹ́ àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í le tó SS, síbẹ̀ ó lè ba ojú àti egungun ìbàdí jẹ́. Tí a bá wo ìlera, 3:1 náà ló jẹ́.

Ìyẹn ló fi yẹ kéèyàn béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un. Àyẹ̀wò kan wà tó yá, tó kàn ń wádìí bóyá S wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kò lè ya AS yàtọ̀ sí SS, kò sì rí C rárá, nítorí náà AC àti AA á gba èsì kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò oníná mànàmáná tí mo sọ lókè ló ń fi A, S àti C hàn ní ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.