Àtẹ Tó Ń Dá Gbólóhùn Mọ̀ Láti Ìsàlẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé “Adé ra aṣọ tuntun” gún régé, àti pé “Adé ra tuntun aṣọ” há sí etí. Kọ̀ǹpútà kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Òfin gírámà tí a kọ fún un nìkan ló mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣírò bóyá àwọn òfin náà lè bí gbólóhùn tí a gbé wá.

Òfin kékeré kan nìyí. G ni gbólóhùn, O ni ọ̀rọ̀-orúkọ, I ni ọ̀rọ̀-ìṣe, A ni àpólà-ìṣe, E sì ni ẹ̀yán.

```
G → O A
A → I O
O → O E
O → Adé | aṣọ
I → ra
E → tuntun
```

Òfin kọ̀ọ̀kan ń so nǹkan méjì péré pọ̀, tàbí kó dárúkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí òfin kan bá so mẹ́ta pọ̀, a ó kọ́kọ́ gé e sí méjì, ká sì fún apá kan nínú rẹ̀ ní orúkọ tuntun, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, a ya àtẹ. Bí ẹni ń mọ ilé alámọ̀ ni: ìpele ìsàlẹ̀ ló ń gbé tòkè dúró. Ìpele kìíní jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: O, I, O, E. Ìpele kejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ méjì-méjì tó tẹ̀ léra. “Adé ra” jẹ́ O àti I, kò sì sí òfin tó so wọ́n pọ̀, nítorí náà àpótí rẹ̀ ṣófo. “Ra aṣọ” jẹ́ I àti O, ó di A. “Aṣọ tuntun” jẹ́ O àti E, ó di O.

Ìpele kẹta ni adùn iṣẹ́ náà wà. Ọ̀nà méjì la lè gbà pín “ra aṣọ tuntun”. Bí a bá gé e lẹ́yìn “aṣọ”, A àti E ló kù wá lọ́wọ́, kò sì sí òfin fún wọn. Bí a bá gé e lẹ́yìn “ra”, I àti O la rí, ó sì di A. A kò tún “aṣọ tuntun” yẹ̀ wò mọ́ o. O rẹ̀ ti wà nínú àpótí, a kàn wò ó ni. Gbogbo àtẹ náà rèé, tí ∅ jẹ́ àpótí òfìfo:

```
G
G    A
∅    A    O
O    I    O    E
Adé  ra   aṣọ  tuntun
```

G wà lókè pátápátá, nítorí náà gbólóhùn náà wọlé.

Ẹ wo G tó wà ní ìpele kẹta. Ó ti mú mi rí nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí: mo rí G, mo ju gègé sílẹ̀, mo ní ó ti parí. “Adé ra aṣọ” nìkan ni G yẹn ń sọ. “Tuntun” ṣì wà níta. Àpótí òkè pátápátá nìkan ló ń dájọ́. Àṣìṣe kejì ni kéèyàn dúró síbi ìgékù àkọ́kọ́ tó bá kùnà. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún “ra aṣọ tuntun”, A yẹn ì bá sọnù, gbólóhùn náà ì bá sì ṣubú.

Tadao Kasami kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1965, Daniel Younger gbé tirẹ̀ jáde ní 1967, John Cocke náà sì ti rí i fúnra rẹ̀. Lára orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti mú CYK tí wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré. Ọ̀nà tí a lè gbà pín gbólóhùn ọlọ́rọ̀ 20 ní méjì-méjì títí dé ìsàlẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àtẹ yìí kò béèrè ju ìgékù 1,330 lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di 40, ìgékù di 10,660: gígùn di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ lórí ọ̀rọ̀ gígùn.

“Adé ra tuntun aṣọ” ńkọ́? O, I, E, O ló wà nísàlẹ̀. “Adé ra” ṣófo, “ra tuntun” ṣófo, “tuntun aṣọ” náà ṣófo. Ìpele kejì kò ní bíríkì kan, kò sì sí ohun tí a ó mọ lé e lórí. Àtẹ náà kọ̀ ọ́, bí etí wa ṣe kọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ fún un ní “Aṣọ ra Adé tuntun”: O, I, O, E kan náà ló máa rí, yóò sì kọ G sókè láìjanpata, nítorí kò sí òfin kankan nínú mẹ́fà wa tó sọ pé aṣọ kì í ra èèyàn.