Ìwé Tí Olórí Ẹgbẹ́ Tuntun Lè Fi Darí Ìpàdé

Púpọ̀ nínú ìwé ìdarí tí wọ́n ń tà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ni ó ń sọ fún olórí tuntun pé kí ó ní ìran, kí ó sì gbójú. Díẹ̀ nínú wọn ni ó sọ ohun tí yóò ṣe bí ènìyàn mẹ́fà bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìpàdé.

Ní ọdún 1863, wọ́n ní kí Henry Robert, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ẹnjiníà, darí ìpàdé kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú New Bedford. Kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìpàdé náà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú sì tì í. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlànà ìpàdé, ó sì tẹ ìwé *Robert's Rules of Order* jáde ní 1876.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Ìbà ń jiyàn lórí jẹnẹrétọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Robert, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n ra tuntun. Bí ẹlòmíràn kò bá kín in lẹ́yìn, àbá náà kú nìyẹn. Bí wọ́n bá kín in, olórí yóò tún un sọ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti sọ̀rọ̀ yóò dúró de ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ rárá. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fi kún un pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 300,000 náírà, àfikún yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ dìbò lé, kí wọ́n tó padà sórí àbá gan-an.

Olórí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fẹ́ jiyàn, yóò fi àga sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi parí. Nínú ìgbìmọ̀ tí kò ju ènìyàn bí 12 lọ, òfin yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá jáde kúrò ní ìpàdé pẹ̀lú ìpinnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu, ẹ mọ̀ pé wọn kò ka àbá náà sókè kí wọ́n tó dìbò.

Ìwé náà ti ju ojú ewé 600 lọ báyìí, ṣùgbọ́n èyí kékeré tí wọ́n pè ní *In Brief* tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ìbò kì í wo ọgbẹ́ ọkàn ẹni tí àbá rẹ̀ kò wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà yín níyànjú láti ka *Life Together*, tí Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1939, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá Hitler ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ tí ó ń darí pa. Lójú tirẹ̀, gbígbọ́ tẹnu ẹnìkejì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a jẹ ara wa, àlá tí olórí ń lá fún ẹgbẹ́ sì lè ba ẹgbẹ́ náà jẹ́. Ẹni tí ó bá kà á yóò lọ sílé ẹni tí ìbò kò gbè kí ìpàdé mìíràn tó dé, yóò jókòó, yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.